Iṣẹ́ sélísì tí kò ní owó-oṣù, kọmíṣọ̀n nìkan: ọ́fà méjì rèé, èwo ni kéèyàn mú?

Àbúrò mi obìnrin kan gbé ìwé méjì wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ sélísì ni méjèèjì, méjèèjì ò sì ní owó-oṣù rárá, kọmíṣọ̀n nìkan, ohun tó o bá tà lo máa jẹ. Kó tiẹ̀ tó jókòó ló ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ní pásẹ́ńtì 20 yìí ni mo fẹ́ mú o, èkejì ò ju pásẹ́ńtì 8 lọ." Mo ní kó fara balẹ̀ ná, ká tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tá a rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, torí kì í ṣe òun nìkan ló máa ń kọ́kọ́ wo pásẹ́ńtì, èmi náà ti ṣe é rí, ojú mi sì rí màbo.

Mi ò ní dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan, ẹ fi owó ibi tẹ́ ẹ wà sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí, ìṣirò ẹ̀ ò ní yàtọ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyí:

| | Ọ́fà kìíní | Ọ́fà kejì |
|---|---|---|
| Ohun títà | ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kéékèèké fi ń ṣírò owó wọn, ọdọọdún ni wọ́n ń san án | ọṣẹ àti ohun èlò ìmọ́tótó fún ọ́fíìsì, oṣooṣù ni wọ́n ń rà á |
| Kọmíṣọ̀n | 20% | 8% |
| Tágẹ́ẹ̀tì | 90,000 ní oṣù mẹ́ta | 40,000 lóṣù, láti oṣù keje |
| Agbègbè | ilé-iṣẹ́ 400, èèyàn mẹ́rin ló ń pín in | ọ́fíìsì 260, òun nìkan |
| Ìgbà tí owó máa wọlé | tí kọ́sítọ́mà bá ti sanwó tó sì lo 90 ọjọ́, ìparí oṣù tó tẹ̀ lé oṣù mẹ́ta yẹn | tí kọ́sítọ́mà bá ti sanwó, ọjọ́ 15 oṣù tó tẹ̀ lé e |

Ẹ ò rí i pé téèyàn bá sáré wò ó báyìí, kìíní ló máa wu gbogbo wa. Pásẹ́ńtì 20 lórí 90,000 jẹ́ 18,000, ìyẹn 6,000 lóṣù. Èkejì, pásẹ́ńtì 8 lórí 40,000, 3,200 lóṣù. Ìlọ́po méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ni. Ohun tí ẹni tó gba àbúrò mi ní ìntáfíù náà sì sọ fún un nìyẹn, pé "ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ wa ń mú 6,000 lọ sílé lóṣù." Kò parọ́. Kò kàn sọ iye èèyàn tó ṣe é ni.

Ẹ fọ́ tágẹ́ẹ̀tì sí wẹ́wẹ́, ẹ má gbé e mì lódindi

90,000 ò sọ nǹkan kan fún èèyàn. Ohun tó máa sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ yí i padà sí iye èèyàn tẹ́ ẹ máa jókòó tì lóòjọ́. Bá a ṣe ṣe é nìyí. Kọ́sítọ́mà kan ń san bíi 6,000 lọ́dún fún ètò kọ̀ǹpútà yẹn, nítorí náà 90,000 jẹ́ kọ́sítọ́mà tuntun 15 láàárín oṣù mẹ́ta, márùn-ún lóṣù. Márùn-ún lóṣù ò dún bí ohun tó le, àbí? Ó yá, nínú èèyàn mélòó tẹ́ ẹ bá jókòó tì ni ẹnì kan máa rà? Máníjà sọ fún un pé nínú mẹ́rin, ọ̀kan máa rà. Mo ní kó lọ wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí lórí LinkedIn, kì í ṣe ẹni tó ṣì wà níbẹ̀ o, ẹni tó ti kúrò. Ó rí méjì. Ọ̀kan ò dá a lóhùn, èkejì ní nínú mẹ́wàá ni òun ti ń rí ọ̀kan, ìyẹn náà lẹ́yìn tó ti mọ ọjà ọ̀hún dénú.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́wàá yẹn, torí ẹni tó ti lọ kò ní ìdí tó fi máa fi adùn sí i (ó lè ní ìbínú lọ́kàn ṣá, èyí náà yẹ kéèyàn rántí). Kọ́sítọ́mà 15 túmọ̀ sí pé ó máa jókòó ti èèyàn 150 láàárín oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú oṣù mẹ́ta jẹ́ bíi 65, ìyẹn ju èèyàn méjì lọ lójúmọ́, lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ tí ara ò yá, láìsí ọjọ́ tí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ rí máa sọ pé ẹ padà wá lọ́la. Kí ẹnì kan tó sì gbà láti jókòó, ọkùnrin yẹn ní òun máa ń pe bíi 15 lórí fóònù. 150 lọ́nà 15, ìpè 2,250, bíi 35 lójúmọ́ kẹ́ ẹ tó wá jáde lọ rí àwọn méjì yẹn. Ó ṣeé ṣe fún ẹni tí egungun ẹ̀ le, mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí ṣì wà níwájú, nígbà tá a bá dé orí agbègbè.

Ọ́fà kejì ńkọ́? Ọ́fíìsì kan ń ra bíi 1,000 lóṣù. Tágẹ́ẹ̀tì 40,000 túmọ̀ sí ọ́fíìsì 40 tó ń rà lóṣooṣù. Wọ́n máa fi 12 tó ti ń rà tẹ́lẹ̀ lé e lọ́wọ́, torí ẹni tó ń bójú tó agbègbè yẹn ti fẹ̀yìn tì. Ó ku 28 tó máa wá fúnra ẹ̀ láàárín oṣù méje, mẹ́rin lóṣù. Ẹni tó fẹ̀yìn tì yẹn, wọ́n jẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù (èyí dùn mọ́ mi nínú, ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ bá ẹni tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan tó ń bò), òun sì sọ pé tóun bá ti rí méjì tuntun lóṣù, oṣù yẹn dáa. Tó bá jẹ́ méjì lóṣù, ní oṣù keje ọ́fíìsì 26 ló máa ní, ìyẹn 26,000, kì í ṣe 40,000.

Ẹ ò rí i báyìí pé tágẹ́ẹ̀tì méjèèjì ga ju ohun tó ṣeé ṣe lọ! Èyí ò yà mí lẹ́nu. Tágẹ́ẹ̀tì tó ga kọ́ ló ń pààyàn. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé tẹ́ ò bá bá a, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ọ́fà méjì yìí ti yà kúrò lára ara wọn. Nínú ti kìíní, ní ojú ewé kẹrin, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá dé ìdajì tágẹ́ẹ̀tì, pásẹ́ńtì 5 ni wọ́n máa san fún un lórí gbogbo ohun tó tà ní oṣù mẹ́ta yẹn, pé pásẹ́ńtì 20 jẹ́ fún ẹni tó bá ti dé ìdajì. Ìdajì jẹ́ 45,000. Ẹni tó rí kọ́sítọ́mà méje, ó ta 42,000, wọ́n á fún un ní 2,100. Ẹni tó rí mẹ́jọ, ó ta 48,000, wọ́n á fún un ní 9,600. Kọ́sítọ́mà kan ṣoṣo, 7,500 ló fi yàtọ̀. Pásẹ́ńtì 20 tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ojú ewé kìíní, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fojú kàn án láé.

Nínú ti kejì, pásẹ́ńtì 8 ni láti orí ohun àkọ́kọ́ tó bá tà, yálà ó bá tágẹ́ẹ̀tì tàbí kò bá a. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé tí kò bá bá tágẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́fà léra léra, ilé-iṣẹ́ lè gé agbègbè ẹ̀ kù. Èyí náà léwu o, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo ní kó bi àwọn méjèèjì, kẹ́yin náà sì máa bi wọ́n: èèyàn mélòó ló ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mélòó ló bá tágẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà láàárín gan-an mú èló lọ sílé? Ẹni tó wà láàárín o, kì í ṣe àfírẹ́ẹ̀jì. Torí tí èèyàn mẹ́wàá bá wà, tí méjì mú 60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan tí mẹ́jọ tó kù mú 5,000, àfírẹ́ẹ̀jì wọn máa jẹ́ 16,000, kò sì sẹ́nì kankan nínú wọn tó rí 16,000 gbà. Ẹ ní kí wọ́n tò wọ́n láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, kí wọ́n sọ iye ẹni tó wà láàárín fún yín. Ilé-iṣẹ́ kìíní ní àwọn ò lè sọ, pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ilé-iṣẹ́ kejì sọ ọ́. Ohun mìíràn tó ń tú àṣírí ni kẹ́ ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa ń polówó ní gbogbo ìgbà. Tí wọ́n bá ń wá èèyàn sí ipò kan náà lóṣù méjì méjì, tí ilé-iṣẹ́ ò sì tóbi sí i, ẹ mọ̀ pé ńṣe ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń sá.

Agbègbè: ẹ ka orí èèyàn, ẹ má wo máàpù

Àbúrò mi ti ń sọ pé 400 pọ̀ ju 260 lọ. Mo ní kó gbé pẹ́ńsù. Nínú ilé-iṣẹ́ 400 yẹn, 120 ti jẹ́ kọ́sítọ́mà wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ti ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ni àwọn yẹn, sélísì ò gbọ́dọ̀ gba kọmíṣọ̀n lórí wọn, kódà tí wọ́n bá ra kún un. Ó ku 280. Èèyàn mẹ́rin ló ń pín 280, ìyẹn 70 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

70.

Ẹ rántí pé èèyàn 150 ló ní láti jókòó tì láàárín oṣù mẹ́ta kó tó bá tágẹ́ẹ̀tì. Ibo ló ti fẹ́ rí 150 nínú 70? Kódà kí gbogbo wọn gbà láti rí i, kò tó ìdajì. Ká tiẹ̀ ní ìdajì wọn gbà, ìyẹn 35, tí ọ̀kan sì ń rà nínú mẹ́wàá, kọ́sítọ́mà mẹ́ta ni, tórí bá bá a ṣe é, mẹ́rin. Ká mú mẹ́ta. Mẹ́ta lọ́nà 6,000 jẹ́ 18,000, kò sún mọ́ 45,000, nítorí náà pásẹ́ńtì 5 ló kàn, ìyẹn 900. Owó oṣù mẹ́ta odindi nìyẹn, 900, láti ara iṣẹ́ tí wọ́n ní 18,000 wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta kejì sì máa burú ju ìyẹn lọ, torí ó ti rí àwọn tó fẹ́ rí i tán, àwọn tó kù sì ni àwọn tí kò gbé fóònù. Nígbà tá a dé ibí yìí àbúrò mi kàn dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún un kà." Ó tún un kà. 70 náà ló ń jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé tágẹ́ẹ̀tì ò ṣeé yẹ̀ wò lọ́tọ̀, agbègbè lọ́tọ̀. Ẹni tó gbé tágẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ lè má mọ̀ rárá pé ẹlòmíì ti yọ 120 kúrò lára máàpù. Èmi ò rò pé wọ́n fẹ́ lù ú ní jìbìtì, mo rò pé ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣírò ẹ̀ ni, torí ilé-iṣẹ́ ò pàdánù nǹkan kan tí ẹni tí wọn ò san owó-oṣù fún bá kùnà.

Ti ọ́fà kejì, ọ́fíìsì 260, òun nìkan. Ṣùgbọ́n mi ò gba "òun nìkan" yẹn gbọ́ títí mo fi rí ohun tí wọ́n kọ. Ẹ máa wá ọ̀rọ̀ tó sọ pé ohunkóhun tí ọ́fíìsì inú agbègbè yín bá rà, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà rà á, tiyín ni. Èyí ṣe pàtàkì torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo lọ bá kọ́sítọ́mà kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọjà hàn án, mo dá gbogbo ìbéèrè ẹ̀ lóhùn, ó ní òun máa rà á. Ó rà á lóòótọ́, orí wẹ́ẹ̀bù ilé-iṣẹ́ wa ló ti rà á ní alẹ́ Sátidé, wọ́n sì ní títà orí wẹ́ẹ̀bù kì í ṣe ti sélísì. Mo fi gbogbo mẹ́sẹ́ìjì tá a ti kọ ránṣẹ́ síra wa hàn wọ́n, wọ́n ní àwọn gbọ́ mi àmọ́ bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ó sì wà nínú ìwé lóòótọ́, èmi ni mi ò kà á. Nínú ìwé ti àbúrò mi, ọ̀rọ̀ nípa wẹ́ẹ̀bù wà níbẹ̀ fún ọ́fà kejì, ó ní ti ẹni tó ni agbègbè ni. Nínú ti kìíní, wọn ò sọ ọ́ rárá, ibi tí wọn ò bá sì ti sọ nǹkan, ẹ gbà pé ti ilé-iṣẹ́ ni.

Àléébù ọ́fà kejì wà lórí ọkọ̀ o. Ọ́fíìsì 260 yẹn fọ́n káàkiri, owó ọkọ̀ àti owó fóònù sì wà lọ́rùn ẹ̀. A ṣírò ẹ̀ sí 250 lóṣù. Ti kìíní, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, 60 lóṣù. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí owó ò tíì máa wọlé fún.

Ọjọ́ wo gan-an lowó máa wọ àkáǹtì?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù, torí púpọ̀ nínú àwọn tó fi iṣẹ́ kọmíṣọ̀n sílẹ̀, kì í ṣe pé wọn ò tà, wọ́n tà, ebi ló lé wọn jáde kí owó ohun tí wọ́n tà tó dé. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ fi ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ lé kọ́sítọ́mà kan ṣoṣo láti ìgbà tẹ́ ẹ bá pè é dé ìgbà tí owó ẹ̀ bá wọlé.

Ọ́fà kìíní. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì. Láti ìgbà tó bá pe kọ́sítọ́mà dé ìgbà tí onítọ̀hún máa fọwọ́ sí ìwé ń gba bíi ọjọ́ 45, ká ní ọjọ́ 15 Fẹ́búárì. Kọ́sítọ́mà ní ọjọ́ 30 láti sanwó, ìyẹn gbé wa dé ọjọ́ 17 Máàṣì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kọmíṣọ̀n ò tíì di tiẹ̀ títí kọ́sítọ́mà yẹn á fi lo ọjọ́ 90 lẹ́yìn tó sanwó, ó di ọjọ́ 15 Júùnù. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á dúró kí oṣù mẹ́ta yẹn parí ní ọjọ́ 30 Júùnù, wọ́n á wá sanwó ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 31 Júláì. Oṣù méje gbáko láìrí owó kankan, lórí kọ́sítọ́mà tó tètè rí, tó sì sanwó lásìkò! Ẹ wá wo èyí: tí kọ́sítọ́mà bá sanwó ní ọjọ́ kìíní oṣù Épírì, ọjọ́ 90 ẹ̀ máa pé ní 30 Júùnù, owó wọlé ní Júláì. Tó bá sanwó ní ọjọ́ kejì oṣù Épírì, ọjọ́ 90 ẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Júláì, ó wọ inú oṣù mẹ́ta tó kàn, owó ò ní wọlé títí di 31 Òkítóbà. Ọjọ́ kan péré, oṣù mẹ́ta ló fà á sẹ́yìn. Irú nǹkan báyìí, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún yín ní ìntáfíù, ẹ̀yin lẹ máa fi kàlẹ́ńdà wá a.

Ó tún kù o. Tí kọ́sítọ́mà bá ní òun ò ṣe mọ́ láàárín oṣù 12, wọ́n máa gba gbogbo kọmíṣọ̀n tí wọ́n ti san padà, wọ́n á yọ ọ́ nínú èyí tó kàn. Gbogbo ẹ̀! Kódà kí kọ́sítọ́mà ti lo oṣù 11, kí ilé-iṣẹ́ sì ti jẹ owó yẹn. Kí wọ́n gba owó padà tí kọ́sítọ́mà bá yarí láìpẹ́, ìyẹn ò burú, ó jẹ́ kí sélísì má ta ìtakúta. Oṣù mẹ́ta ṣeé gbọ́. Oṣù 12 láìpín in sí oṣù tó ti lò, ilé-iṣẹ́ ti gbé àléébù ọjà wọn lé yín lórí nìyẹn, torí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń dáhùn nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà bá dákẹ́.

Ọ́fà kejì. Ọ́fíìsì kan ra ọjà ní ọjọ́ 10 Jánúárì, ó ní ọjọ́ 30 láti sanwó, ó san án ní ọjọ́ 9 Fẹ́búárì, kọmíṣọ̀n wọlé ní ọjọ́ 15 Máàṣì. Oṣù méjì àtààbọ̀. Ìgbà tí ọ́fíìsì bá dá ọjà padà láàárín ọjọ́ 30 nìkan ni wọ́n máa gba kọmíṣọ̀n padà. Tí àbúrò mi bá sì kúrò níbẹ̀, owó tí àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ bá san láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tó lọ, wọ́n máa san kọmíṣọ̀n ẹ̀ fún un. Ti kìíní, ọjọ́ tó bá ti kúrò, yálà òun ló lọ tàbí wọ́n lé e, ohun tí ọjọ́ 90 ẹ̀ ò bá tíì pé ti di ti ilé-iṣẹ́. Ẹ ro ìyẹn wò dáadáa: ẹni tí wọ́n bá lé ní ọjọ́ 10 Júùnù á fi gbogbo ohun tó ta láti Jánúárì sílẹ̀ fún wọn.

A wá ka owó tó máa wọ àkáǹtì ẹ̀ láti Jánúárì di 31 Júláì, ká fi ti méjèèjì wéra. Nínú ọ́fà kejì, ọ́fíìsì 12 tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ àti méjì tuntun lóṣù (a ti yọ àwọn tó máa sá lọ kúrò), ó ní 14 ní Jánúárì, 16, 18, 20, ó di 22 ní oṣù Méè. Títí di oṣù Méè la máa kà á, torí ti Júùnù ò ní wọlé títí di Ọ́gọ́ọ̀sì. Ó jẹ́ 90,000, kọmíṣọ̀n ẹ̀ 7,200. Ẹ yọ owó ọkọ̀ oṣù méje, 1,750, ó ku 5,450. Nínú ọ́fà kìíní, ká ní méjì nínú àwọn mẹ́ta tó rí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tètè sanwó, pásẹ́ńtì 5 lórí 12,000 jẹ́ 600. Ẹ yọ owó fóònù oṣù méje, 420. Ó ku 180.

5,450 àti 180. Èyí tó ní pásẹ́ńtì 20 ló mú 180 wá.

Mi ò sọ pé pásẹ́ńtì ńlá ò dáa rárá o. Ká ní ọ́fà kìíní fún un ní ilé-iṣẹ́ 400 yẹn ní òun nìkan, tí wọ́n yọ ti ìdajì tágẹ́ẹ̀tì kúrò, tí wọ́n sì ń sanwó ní oṣù tí kọ́sítọ́mà bá san, kọ́sítọ́mà mẹ́ta yẹn péré jẹ́ 3,600, ó sì ṣeé ṣe kó rí ju mẹ́ta lọ. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èkejì nígbà yẹn, èmi gan-an máa ní kó rò ó. Ohun mìíràn tó lè yí i padà ni tí wọ́n bá ń fún un ní owó tó máa fi gbọ́ bùkátà lóṣooṣù, tí wọ́n á máa yọ nínú kọmíṣọ̀n tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, dírọ̀ọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá gbèsè ni, torí dírọ̀ọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ò bá tà tó, ẹ máa dá a padà, kódà tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, òmíràn sì wà tí wọn kì í gbà padà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọ̀kan nínú wọn lè sọ yín di ajigbèsè ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ fún.

Ohun tó lọ bá ọ́fà kejì sọ

Kò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. A mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta jáde, mo ní kó kọ ọ́ sínú ímeèlì kí ìdáhùn wọn náà lè wà lákọsílẹ̀.

Àkọ́kọ́, tágẹ́ẹ̀tì 40,000 ní oṣù keje. Kò bẹ̀bẹ̀, ìṣirò ló fi ránṣẹ́: 12 tó wà nílẹ̀, méjì lóṣù bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú ṣe sọ, 26,000. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ 25,000 ní oṣù keje, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí 40,000. Nítorí gígé agbègbè yẹn ló fi pọn dandan. Tí tágẹ́ẹ̀tì ò bá ṣeé bá, tí wọ́n sì lè gé agbègbè ẹni tí kò bá a, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tó bá ti wá àwọn ọ́fíìsì tó dáa jáde, wọ́n lè mú wọn fún ẹlòmíì. Ó wù mí kí n sọ pé wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún èèyàn.

Ìkejì, gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ìwé, pé ilé-iṣẹ́ lè yí kọmíṣọ̀n padà nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Ó wà nínú ti kìíní náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà nínú gbogbo irú ìwé yìí, ẹ má sì retí pé wọ́n máa yọ ọ́. Ohun tó ṣeé gbà ni kí wọ́n fi kún un pé àyípadà ò ní kan ọjà tí kọ́sítọ́mà ti rà kí wọ́n tó kéde ẹ̀, pé wọ́n á sì sọ ọ́ ní ọjọ́ 30 ṣáájú.

Ìkẹta, ó ní kí wọ́n to orúkọ ọ́fíìsì 260 yẹn, kí wọ́n so ó mọ́ ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì sàmì sí 12 tó ń rà lọ́wọ́, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rà ní oṣù mẹ́ta tó kọjá. Torí gbogbo ìṣirò wa yìí, orí 12 yẹn ló dúró lé. Tó bá jẹ́ pé mẹ́rin péré ló ń rà lóòótọ́, tí àwọn tó kù ti lọ pẹ̀lú ẹni tó fẹ̀yìn tì, 5,450 yẹn ti di ìtàn.

Wọ́n dá a lóhùn lánàá. Wọ́n gbà fún 25,000. Ti ọjọ́ 30, wọ́n gbà á fún ọjọ́ 14, mo ní kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ti orúkọ, wọ́n ní wọ́n ṣì ń kó o jọ, wọ́n sì ti ń bi í pé ìgbà wo ló máa fọwọ́ sí ìwé. Ó fèsì fún wọn pé ọjọ́ tí orúkọ bá ti dé.